Ojú ìwé mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni ò kà

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, síbẹ̀ bí mo bá rántí, ara mi á tún gbóná. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró síwájú àwọn dárẹ́kítọ̀ rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi wádìí bóyá ilé iṣẹ́ gaàrí tí ọ̀gá wa fẹ́ dá sílẹ̀ lẹ́bàá Ajàṣẹ́-Ìpo yóò mówó wọlé. Mo dé oko àwọn àgbẹ̀ lágbègbè Ìgbàjà, mo jókòó ti àwọn tó ń yan gaàrí. Ìjábọ̀ mi jẹ́ ojú ìwé 86, mo sì fi àkótán olójú ìwé 6 síwájú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí irọ́ nínú iṣẹ́ náà. Mo ṣe é dáadáa.

A pàdé ní Ìlọrin. Àlàájà tó jẹ́ alága tọ́ ìka lẹ́nu, ó ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á síta: "Ẹ̀gẹ́ jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára àwọn ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ wa..." Ó dúró. Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Ọmọ mi, ta ni kò mọ ẹ̀gẹ́ níbí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, bí òmùgọ̀. Ó ní, "Èló lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa?" Mo ń ṣí ìwé, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ojú ìwé karùn-ún ni mo kọ ọ́ sí, lábẹ́ ìtàn bí mo ṣe ṣe ìwádìí. Kí n tó rí i, Àlàájì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ti béèrè pé, "Bí ẹ̀gẹ́ bá wọ́n ńkọ́?" Mo mọ ìdáhùn! Ó wà lójú ìwé 61. Ẹnu mi kàn gbẹ ni. Àlàájà pa fáìlì dé, ó rọra tì í padà sọ́dọ̀ mi lórí tábìlì, ó ní kí n lọ mú ọ̀rọ̀ wá, kì í ṣe ìwé.

Ìbéèrè Àlàájì yẹn gan-an ni ẹ̀mí iṣẹ́ náà. Tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ mẹ́rin sí márùn-ún ló ń di tọ́ọ̀nù gaàrí kan, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ tí a bá wú kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó máa bàjẹ́. Kò sí pé à ń rà á pamọ́ nígbà tó bá pọ̀. Nínú ìṣirò wa, ẹ̀gẹ́ ọdún kan á gba mílíọ̀nù 250 náírà, èrè ọdún kan sì jẹ́ mílíọ̀nù 45. Owó ìdásílẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 180, ọdún mẹ́rin ló máa fi padà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gẹ́ bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá wọ́n sí i, mílíọ̀nù 25 ti lọ nínú èrè, ó ku 20, ọdún mẹ́rin di mẹ́sàn-án. Bó bá fi ìdá kan nínú márùn-ún wọ́n, gbèsè ni. Èyí ni mo lọ sin sójú ìwé 61.

Ohun tí mo kọ́ nìyí: ohun tí ẹ ń béèrè ni gbólóhùn àkọ́kọ́. Kì í ṣe ìtàn, kì í ṣe bí ẹ ṣe ṣe ìwádìí. Mo tún àkótán náà kọ sí ojú ìwé kan ààbọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ báyìí:

"A bẹ ìgbìmọ̀ kí ẹ fọwọ́ sí mílíọ̀nù 12 lóṣù yìí, kí a fi bá àwọn àgbẹ̀ ṣe àdéhùn iye kan pàtó lórí ìdajì ẹ̀gẹ́ wa, kí a tó béèrè mílíọ̀nù 168 tó kù fún ẹ̀rọ àti ilé. Bí ẹ̀gẹ́ bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá wọ́n sí i, owó yín á pẹ́ ọdún mẹ́sàn-án kó tó padà. Pẹ̀lú àdéhùn yìí, bí ọdún márùn-ún ààbọ̀ ni (ojú ìwé 61)."

Ẹ̀kọ́ kejì kò jìnnà sí èyí: ohun tó lè ba iṣẹ́ jẹ́ gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó, kí ó má lọ sápá ìkẹyìn. Ẹ̀rù ló bà mí tẹ́lẹ̀, mo rò pé wọ́n á sá. Àwọn tó ń náwó kì í sá fún ewu tí wọ́n rí. Èyí tí wọ́n fúnra wọn hú jáde ni wọ́n ń sá fún. Ẹ tún bá mi sọ ọ́: ohun tí ẹ ń béèrè ni àkọ́kọ́.

Kí n tó padà, mo fún akáǹtáǹtì wa ní ojú ìwé kan ààbọ̀ náà, ẹni tí kò ka ìjábọ̀ rí. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, mo bi í pé: kí la ń béèrè, èló ni, kí ló lè bà á jẹ́? Ó dáhùn méjì, ó gbàgbé iye owó, torí mo ti fi nọ́ńbà méje kún un. Mo yọ mẹ́ta.

Wọ́n fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Àlàájà ò ju ojú ìwé àkọ́kọ́ lọ.