Ohun tí mo kọ́ nígbà tí mo ṣàlàyé ìdókòwò àjọṣe fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa

Ẹni tí wọ́n bá ní kó ṣàlàyé ìdókòwò fún ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kó má fi èlé bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Èmi tí mo jẹ́ akápò ẹgbẹ́ wa n'Íbàdàn, ìgbà tí a máa nílò owó ni mo kọ́kọ́ bá wọn sọ: oṣù kẹsàn-án tí àwọn òbí ń yáwó ilé-ìwé, àti ìparí ọdún tí a ń pín èrè.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká sọ pé ₦6,000,000 wà nílẹ̀ ní oṣù kẹta. A lè fi ìdajì rẹ̀ ra trẹ́ṣúrì bíìlì ìjọba ọlọ́jọ́ 182, ìyẹn owó tí a yá ìjọba fún ìgbà díẹ̀, tí yóò pé gẹ́lẹ́ nígbà tí ilé-ìwé bá fẹ́ wọlé. Èlé rẹ̀ ni wọ́n ń yọ ṣáájú: bí ó bá jẹ́ ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, nǹkan bíi ₦2,760,000 la máa san, ìjọba á sì san ₦3,000,000 padà. Ìyá kan dìde, ó ní, "Akápò, ṣebí ₦480,000 ló yẹ kó jẹ́ èrè wa?" Mo ní, "Ẹ ṣeun, Mà. Ti ọdún kan nìyẹn. Ìdajì ọdún péré lowó wa máa lò níbẹ̀." Ìbéèrè rẹ̀ wúlò ju àlàyé mi lọ, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣàṣìṣe nínú ìṣirò.

Ìyókù lè wọ mọ́nì mákẹ́ẹ̀tì fọ́ǹdù, níbi tí owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdé, tí ilé-iṣẹ́ kan ń fi ra irú bíìlì bẹ́ẹ̀, tó sì ń fi òmíràn pamọ́ sí báǹkì, tí oníkálukú sì ní ìpín tirẹ̀. A lè gba owó wa padà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mélòó kan, àmọ́ ẹ béèrè bóyá wọ́n máa yọ owó ìtanràn bí a bá tètè kó o. Èlé tí wọ́n ń polówó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Kì í ṣe ìlérí. Ẹni tó bá ń ṣèlérí iye kan pàtó lóṣooṣù láìyẹ̀, ẹ sá fún un.

Bàbá kan fẹ́ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ náà bá wó. Mo ṣàlàyé pé ohun-ìní fọ́ǹdù kò gbọ́dọ̀ sí lọ́wọ́ wọn: olùtọ́jú ọ̀tọ̀ ló ń mú un dání, alágbàtọ́ sì ń ṣọ́ gbogbo wọn. Nítorí náà, kí a tó san kọ́bọ̀, a ní láti wo orúkọ ilé-iṣẹ́ àti ti fọ́ǹdù náà nínú àkọsílẹ̀ SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò, kí orúkọ fọ́ǹdù sì wà lórí àkáǹtì tí a ń sanwó sí, kó má jẹ́ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́nu kan fọ́ǹdù tó ń ra ṣíà. Èmi kò gbà á fún owó tí a ń yá ara wa, nítorí pé iye rẹ̀ lè já wálẹ̀ lọ́sẹ̀ tí àwọn èèyàn bá tò síwájú tábìlì mi.