Gìgísẹ̀ Màmá

Ọjọ́ 9 rèé tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìbàdí fún Màmá mi. Lálẹ́ àná, nílé wa l'Óṣogbo níbí, mo rí ojú kan ní gìgísẹ̀ wọn tó dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ. Mo fọwọ́ kàn án: ó gbóná, ó sì le. Àyà mi já. Bí egbò ìdùbúlẹ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kí awọ tó bó. Ní gbogbo wákàtí 2 ni mo ń yí wọn padà, àmọ́ ìdí nìkan ni mo ń ṣọ́!

Àbúrò mi fẹ́ fi òróró ra á, mo ní rárá, ìyẹn lè ba ẹran abẹ́ rẹ̀ jẹ́. Mo tẹ́ ìrọ̀rí sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, kí gìgísẹ̀ má kan bẹ́ẹ̀dì. Mo wò ó bóyá ẹsẹ̀ kan wú ju èkejì lọ, torí ẹ̀jẹ̀ dídì. Kò wú.

Láàárọ̀ yìí, ibẹ̀ ti rọ̀. Nọ́ọ̀sì ń bọ̀ wá wò ó.