Kíkí àgbà ní wọ́ọ̀dù: Ìbàdàn sí Lọ́ńdọ̀nù

N'Íbàdàn, tóo bá wọ wọ́ọ̀dù láàárọ̀, kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́ pé kí lo fẹ́ máa pe ìyá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Màmá ni, ó tán. Tí wọ́n bá ti lọ Mẹ́kà, Alhaja ni, tóo bá sì mọ ọmọ wọn, Ìyá Ṣadé náà dáa. Orúkọ àbísọ wọn wà nínú fáìlì, ibẹ̀ náà ló ń gbé, nọ́ọ̀sì kan ò ní lahùn pè é lójú wọn.

Ní Lọ́ńdọ̀nù tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì báyìí, kóo kọ́kọ́ sọ orúkọ tìẹ ni, kóo wá bi aláìsàn pé orúkọ wo lòún fẹ́ ká máa pe òun, a ó sì kọ ọ́ sórí bọ́ọ̀dù kékeré tó wà lókè bẹ́ẹ̀dì. Ìyá òyìnbó ẹni àádọ́rùn-ún ọdún á ní Máàgírẹ́ẹ̀tì ni kóo máa pe òun o, tóo bá sì ń fi orúkọ ọkọ ẹ̀ pè é, á ní kílódé, ṣé òun ti wá darúgbó tó yẹn ni. Kò sì sí àfojúdi kankan níbẹ̀, orúkọ tó bá fúnra ẹ̀ mú ni ọ̀wọ̀ tiẹ̀. Ojú náà ńkọ́? Nílé, ọmọ tó bá ń wo àgbà lójú kòrókòró, wọ́n á ní ojú ẹ̀ le. Níbí, tóo bá ń wolẹ̀ nígbà tóo ń ṣàlàyé oògùn fún wọn, wọ́n á rò pé nǹkan kan wà tóo fi ń pa mọ́, nítorí náà mo máa ń wo òyìnbó lójú, tó bá di ti ìyá Yorùbá mo máa ń wò ó kí n sì tún gbójú kúrò díẹ̀, ara ẹni ló ń mọ̀ ọ́n ṣe.

Ibi tó ti máa ń dàrú ni ìgbà tí àgbàlagbà Yorùbá bá wá dùbúlẹ̀ sí wọ́ọ̀dù òyìnbó. Ìyá kan wá kí ọmọ wọn, àìsàn bá dé. Àwọn tó gbà wọ́n wọlé lóru ò bi wọ́n ní nǹkan kan, orúkọ inú pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n kàn kọ sórí bọ́ọ̀dù. Ilẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ tí ò tíì ju ogún ọdún lọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ yẹn pè wọ́n, wọ́n tún ń pè wọ́n ní dálìnì. Màmá ò dáhùn. Wọ́n tún pariwo sí i, màmá kọjú sógiri. Ìgbà tí mo máa fi gba iṣẹ́, n tí wọ́n sọ fún mi ni pé ó jọ pé ìyá yìí ò gbọ́ràn dáadáa.

Mi ò kúnlẹ̀ o, ta ló máa kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ wọ́ọ̀dù, mo kàn tẹ orúnkún díẹ̀, mo sì rẹ ohùn sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrọ́jú o. Ṣé ẹ rí oorun sùn?" Wọ́n yíjú padà. "A dúpẹ́, ọmọ mi. Ará ibo ni ẹ́?" Mo ní Ìbàdàn ni mà. Wọ́n bi mí ní àdúgbò, wọ́n bi mí bóyá àwọn òbí mi ṣì wà, mo dá gbogbo ẹ̀ lóhùn, torí tóo bá já ìkíni sí méjì kóo lè tètè wọn ìfúnpá, wọn ò ní sọ ibi tó ń dùn wọ́n fún ẹ. Ìṣẹ́jú méjì péré ni. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá bi wọ́n pé kí ni kí àwọn èèyàn mi máa pè yín. "Màmá náà ni." Mo nu bọ́ọ̀dù, mo kọ Mama síbẹ̀, mo sì ṣàlàyé fún àwọn ọmọ yẹn. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, òyìnbó ń kí Màmá, Màmá ń fi gẹ̀ẹ́sì dá wọn lóhùn, etí wọn pé ṣáṣá.

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí máa ń bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe lè kí àgbà kó má jọ ẹni tó ń ka ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá o mọ̀ ọ́n, gbólóhùn kejì ló ń dúró dè. "Ẹ káàárọ̀ mà, báwo lara ẹ?" Ẹ ríi pé ó ti bà jẹ́, "ara yín" ló yẹ kó jẹ́. Tóo bá ti fi ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ náà ni títí dópin: ẹ jókòó, ẹ gbà, ṣé ẹ ti jẹun. Tóo bá sì ń sọ̀rọ̀ wọn fún ẹlòmíì, wọ́n ni: "Màmá ní wọ́n ti lo oògùn wọn," kì í ṣe "ó ti lò ó", pàápàá tí wọ́n bá wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbọ́. (Tóo bá gbọ́ tí ará Èkìtì tàbí Oǹdó ń bá bàbá ẹ̀ sọ̀rọ̀ láìlo ẹ, má bá a jà, bí wọ́n ṣe ń sọ èdè ìlú wọn nìyẹn. Ìwọ sha, fi ẹ kí bàbá náà.)

Kóo sì kí wọn ní n tójú ẹ rí. Wọ́n jókòó, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ń dáná, ẹ kú iṣẹ́. O ti pẹ́ tóo rí wọn, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyẹn "ẹ kú déédéé àsìkò yìí" tí àwọn kan ń fi kí gbogbo ayé, ẹ bá mi fi sílẹ̀ fún àwọn ará rédíò. Lórí fóònù ńkọ́, aago tọ̀dọ̀ wọn ni kóo fi kí wọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn òyìnbó, aago wa àti ti Nàìjíríà dọ́gba, àmọ́ láti ìparí October títí di ìparí March wọ́n fi wákàtí kan ṣáájú wa, torí náà tóo bá pe bàbá ẹ ní aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú, ẹ káàsán ni. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sìnkú àgbàlagbà nílé, ẹ kú àṣẹ̀yìndè la máa ń kí wọn, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọmọdé ló kú, má dánu lé ìyẹn láéláé, ẹ kú ọ̀fọ̀ ni, kóo sì má sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Èyí tó ń da àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì láàmú ni ọ̀gá tó jẹ́ Yorùbá. Gbogbo èèyàn ń fi orúkọ pe obìnrin yìí ní mítíǹgì, ó sì fẹ́ẹ̀ tó ìyá ẹ. Àwọn kan á máa sá fún orúkọ pátápátá, wọ́n á máa wúkọ́ kó lè wojú wọn. Tóo bá sì ń fi Àǹtí pè é níwájú òyìnbó, wọ́n lè rò pé mọ̀lẹ́bí ẹ ni, pé òun ló fi ẹ́ síṣẹ́. Èmi bi mánéjà tèmi gbangba nígbà tó ku àwa méjì nínú kíṣìnì ibi iṣẹ́, mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni kí n máa pè yín. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ní mítíǹgì kí n forúkọ pe àwọn bíi tàwọn yòókù, wọn ò fẹ́ wàhálà, ṣùgbọ́n tí mo bá pàdé àwọn ní kọ́rídọ̀ tí mi ò kí àwọn dáadáa, àwọn á pe ìyá mi lórí fóònù.