Kí Ẹ Tó Pa Géèmù Rẹ́, Ẹ Wo Iye Fáìlì Tó Ń Bàjẹ́

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kàbà àti Ìsánlú mọ bó ṣe rí: òru la máa ń gba géèmù wọlé, torí ìgbà yẹn ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń já geere.

Géèmù gíìgì 40 kan wọlé tán lórí Steam, mo ṣí i, ó tì padà lójú ẹsẹ̀. Mo wọ `Properties`, mo wọ `Installed Files`, mo tẹ `Verify integrity of game files`. Ó ní fáìlì 3 ti bàjẹ́, òun á tún wọn gbà. Ó gbà wọ́n. Mo tún yẹ̀ ẹ́ wò, ó di 11. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó di 5. Dátà ń lọ, jẹnẹrétọ̀ ń mu epo, géèmù ò sì ṣí. Ẹni tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ní kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo kọ̀. Mi ò sọ pé kò mọṣẹ́ o, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń ra dátà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nìyí: ẹ wo iye náà. Bó bá jẹ́ fáìlì 1 kan náà ló ń jáde ní gbogbo ìgbà, tí géèmù sì ń ṣí, ẹ fi sílẹ̀. Fáìlì ètò tí géèmù fúnra rẹ̀ máa ń tún kọ ni. Ṣùgbọ́n bí iye náà bá ń lọ sókè sódò láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ má dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́bi mọ́. Steam máa ń yẹ ègé kọ̀ọ̀kan wò kó tó gbà pé ó pé. Inú kọ̀ǹpútà ni nǹkan ti ń bàjẹ́, ìyẹn nínú ráàmù tàbí dísíkì.

Mo tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, mo kọ èyí:

```
mdsched.exe
```

Ó tún kọ̀ǹpútà tàn, ó sì rí àṣìṣe nínú ráàmù. Ráàmù méjì ló wà níbẹ̀. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo yọ ọ̀kan, mo tún fáìlì yẹ̀ wò: kò sí èyí tó bàjẹ́ mọ́. Géèmù ṣí. Bí tiyín ò bá fi àṣìṣe hàn, ẹ ṣì yọ ráàmù lọ́kọ̀ọ̀kan dán an wò, torí àyẹ̀wò yẹn kì í rí gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà lẹ tó lè yẹ dísíkì wò.

Bákan náà ni tí ìgbàwọlé bá dúró sórí òdo. Ẹ wo ìlà dísíkì lójú ewé `Downloads`. Bí dísíkì bá ń ṣiṣẹ́, ó ń tú ohun tó ti gbà ni. Ẹ dúró dè é. Ẹ má pa á rẹ́. Bí iye fáìlì bá sì ń yí padà, ẹ ti mọ ibi tí ẹ máa wò.