Ohun tí àyẹ̀wò àṣẹ oṣù mẹ́ta-mẹ́ta kọ́ mi ní Marina

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fa àyẹ̀wò àṣẹ lé mi lọ́wọ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Marina, ohun tí mò ń ṣe kò ju pé kí n fa àtòkọ ohun tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àṣẹ láti ṣe jáde láti inú ẹ̀rọ ìṣirò owó ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí n fi í ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá ẹ̀ka kí wọ́n sọ bóyá àṣẹ kọ̀ọ̀kan ṣì yẹ kí ó wà, kí n sì dúró de èsì. Lọ́jọ́ kan, ìlà 212 ni mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá akáńtì. Kí n tó mu tíì mi tán, ó ti dá a padà, ó kọ “Bẹ́ẹ̀ ni” sí gbogbo rẹ̀. Inú mi sì dùn!

Lára àwọn ìlà náà ni ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà, ẹni tí wọ́n ti gbé kúrò ní akáńtì lọ sí ẹ̀ka ìrajà láti oṣù méje sẹ́yìn. Wọ́n fún un ní àṣẹ láti forúkọ oníṣòwò sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gba `AP_PAY_REL`, àṣẹ ìtúwósílẹ̀, lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé òun nìkan lè dá oníṣòwò tí kò sí níbì kankan sílẹ̀, kí ó sì sanwó fún un. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ o. Àwọn ọ́díítọ̀ ni wọ́n rí i. Ọ̀gá akáńtì ní, “Àbúrò, kí ni mo mọ̀ nípa `AP_PAY_REL`? Orúkọ ọmọ náà ni mo mọ̀.” Òótọ́ ni ó sọ, èmi ni mo fi àdììtú ránṣẹ́ sí i.

Láti ìgbà náà, orúkọ àwọn tí wọ́n ti kúrò tàbí tí wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀ka ni mo ń kọ́kọ́ gbà lọ́dọ̀ ẹ̀ka òṣìṣẹ́, mo sì ń kọ àṣẹ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ tó yé ènìyàn: “Ó lè tú owó sílẹ̀.” Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ń kọ ọjọ́ tí onítọ̀hún lo àṣẹ yẹn gan-an kẹ́yìn sí, nítorí ọjọ́ tí ó wọlé sórí ẹ̀rọ kẹ́yìn kò wúlò, ojoojúmọ́ ni ọmọ ìrajà yẹn ń wọlé. Àṣẹ tí a kò bá lò fún 90 ọjọ́, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí ó fi fẹ́ kí ó wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a ó gbà á.

Òfin 90 ọjọ́ yìí náà ti dá mi lágara rí. A gba àṣẹ ìparí ìṣirò ọdún lọ́wọ́ ìyá kan ní oṣù kẹwàá, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń lò ó. Nígbà tí oṣù kìíní dé, ojú mi rí màbo lórí fóònù.

Èyí tí ó sì pẹ́ kí n tó mọ̀ ni pé kí n tún fa àtòkọ jáde lẹ́yìn tí wọ́n bá ní iṣẹ́ ti parí. Nínú àṣẹ 19 tí àwọn ọ̀gá ní kí a gbà, 4 ṣì wà níbẹ̀: ẹgbẹ́ tí wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ náà sí nínú ẹ̀rọ ni àṣẹ ti ń wá, kò sì sí ẹni tí ó yọ wọ́n kúrò nínú ẹgbẹ́ náà.