Ímeèlì tí mo kọ sí mọ́mì tó ni iléèwé

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ sólà, ẹ jẹ́ n sọ ti ímeèlì kan fún yín. Lọ́dún 2023, nígbà tí owó epo bẹ́ńtíróò gbówó lérí, mo kọ̀wé sí mọ́mì kan tó ni iléèwé aládàáni n'Íbàdàn. Mo to ínfátà 5 kVA, páńẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá, bátìrì lítíọ́ọ̀mù sílẹ̀, mo kọ iye owó sábẹ́ ẹ̀, mi ò sì tíì débẹ̀ rí o. Wọn ò dá mi lóhùn.

Lẹ́yìn oṣù méjì mo tún kọ òmíì, mi ò dárúkọ ọjà kankan:

"Ẹ káàsán mà. Láti aago mẹ́jọ sí aago méjì lẹ ń lo iná jù, òòrùn náà ń ràn nígbà yẹn, torí náà bátìrì tí ẹ máa nílò lè kéré sí ti ilé gbígbé. Ẹ jẹ́ n wá wo iléèwé yín lọ́fẹ̀ẹ́, wákàtí méjì péré. Màá wọn iná tí fáànù, kọ̀ǹpútà àti pọ́ńpù omi ń fà, màá gun òrùlé, màá sì fún yín níwèé ojú ewé kan. Ṣé Ọjọ́rú ni àbí Ọjọ́bọ̀? Kí ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ mà."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n fèsì: "Ọjọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ gbà lẹ́yìn ọ̀fẹ́ yẹn?" Ìbéèrè yẹn tọ́, èmi ni mi ò sọ ọ́. Látìgbà náà mo máa ń fi kún un pé ìwé náà ti yín ni, ẹ lè gbé e fún ẹlòmíì kó bá yín ṣe é, tí ẹ bá ní kí n ṣiṣẹ́ la tó máa sọ̀rọ̀ owó.

Ẹ má gba Sátidé tí wọ́n bá fún yín o. Fáànù ò ní yí lọ́jọ́ náà, kíláǹpù mítà yín ò ní rí nǹkan kà.

Lọ́jọ́ tí mo lọ, fáànù 24 àti kọ̀ǹpútà mẹ́wàá jọ ń fa bíi wáàtì 2,700, mo wá rò pé 5 kVA mi tó náà nìyẹn. Àfìgbà tí wọ́n tan pọ́ńpù 1 hp, ìṣẹ́jú àáyá tó fẹ́ gbéra, mítà fò dé ámúpù 24, tí ẹ bá fi fólìtì 230 sọ ọ́ di púpọ̀, ìyẹn lé ní 5 kVA fúnra ẹ̀, ká tó wá fi ti fáànù kún un! Ká ní wọ́n ti ra èyí tí mo kọ lákọ̀ọ́kọ́ ni, ó ṣeé ṣe kí ínfátà máa kú nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ pọnmi, orí mi ni wọ́n sì máa di ẹ̀bi lé. Igi máńgòrò kan náà ń ṣíji bo òrùlé apá kan bó bá ti di aago méjì, páńẹ́ẹ̀lì kan tí òjìji bò sì lè fa àwọn tí wọ́n jọ so pọ̀ sẹ́yìn.

Nínú ojú ewé yẹn, ọ̀rọ̀ pọ́ńpù ni mo fi ṣíwájú: kí wọ́n máa tan án ní aago méjì ààbọ̀, táwọn ọmọ bá ti lọ tán tí fáànù sì ti kú, torí ínfátà lè fara da irú ìfò bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí kò bá sí ẹrù míì lórí ẹ̀, òòrùn ṣì wà nígbà yẹn. Mo wá kọ ti páńẹ́ẹ̀lì sábẹ́ ẹ̀, pé kí wọ́n lọ sórí òrùlé kejì tí igi ò sí.