Olùkọ́ kan, kíláàsì mẹ́ta, yàrá kan: bí mo ṣe ń to iṣẹ́ ìṣirò

Ẹ̀yin àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ abúlé, tí wọ́n ní kí ẹ máa kọ́ Praimárì 3, 4 àti 5 pọ̀ nínú yàrá kan, ohun tí mo kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní Òkè-Ògùn ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ má ṣe ṣètò ẹ̀kọ́ tuntun mẹ́ta fún àkókò kan náà. Ẹ̀kọ́ tuntun ń fẹ́ kí olùkọ́ dúró ti ọmọ, ẹ ò sì lè dúró síbi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Kíláàsì kan ṣoṣo ni mo máa ń fún ní ohun tuntun lójúmọ́. Nínú ìṣirò, Praimárì 5 ló ni Ọjọ́ Ajé, Praimárì 4 ló ni Ìṣẹ́gun, Praimárì 3 ló ni Ọjọ́rú. Ọjọ́bọ̀ wà fún àwọn tó kù sẹ́yìn, Ẹtì fún ìdánwò kékeré. Kíláàsì méjì tí ọjọ́ kò kàn á máa ṣe iṣẹ́ lórí ohun tí wọ́n ti mọ̀. Iṣẹ́ tiwọn yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ kọ sínú nóòtù, nítorí bí kò bá dúró dáadáa, wọn ò ní jẹ́ kí n kọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká mú Ọjọ́ Ajé kan, ká sọ pé orí ìdá ni gbogbo wọn wà. Ìṣẹ́jú ogójì la ní. Fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ àkọ́kọ́, gbogbo yàrá ló ń ṣe nǹkan kan náà: ọmọ kọ̀ọ̀kan á ká bébà kan sí méjì, á tún un ká, á tún un ká lẹ́ẹ̀kẹta, á wá tú u. Apá mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Bébà kan náà yìí ló máa sin kíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Praimárì 3 á kun 1/2 rẹ̀, wọ́n á sì ya àwọn àwòrán mìíràn, wọ́n á kun 1/4 wọn. Praimárì 4 á fi bébà náà wá iye apá mẹ́jọ tó bá 1/2 àti 3/4 dọ́gba.

Èmi á jókòó ti Praimárì 5 fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, 1/2 + 1/4 ni ẹ̀kọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa kọ 2/6, torí wọ́n á ro òkè pọ̀ mọ́ òkè, ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ẹ má tíì ṣàlàyé òfin kankan. Ẹ ní kí wọ́n gbé bébà wọn, kí wọ́n wò ó bóyá 2/6 tó ìdajì. Kò tó o, ìdá kan nínú mẹ́ta ni. Báwo la ṣe fi nǹkan kún ìdajì tó wá dín? Ẹnu wọn ni ìdáhùn á ti jáde: ká kọ́kọ́ sọ 1/2 di 2/4, kó tó di 3/4. Lẹ́yìn náà, wọ́n á dá ṣe 1/2 + 1/8, kí n lè lọ wo iṣẹ́ àwọn yòókù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú méje tó kù, kíláàsì kọ̀ọ̀kan á fi ohun tó ṣe han gbogbo wa.

Ní ti ìwé, bí ẹ̀dà mẹ́ta péré bá wà fún ọmọ mẹ́rìnlá, ẹ má fi jìjàkadì. Ẹ gé páálí, kí ẹ da ìbéèrè inú ìwé kọ sí i, márùn-ún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fún un ní nọ́ńbà. Ìdáhùn á wà lórí páálí mìíràn lọ́wọ́ olórí ẹgbẹ́, ẹni tó bá ti ṣe tán ló máa rí i. Ní Kòlóńbíà, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ abúlé tí wọ́n ń pè ní Escuela Nueva ti ń fi ìwé iṣẹ́ tí ọmọ lè dá ṣe kọ́ ọmọ láti àárín àwọn ọdún 1970. Páálí tiwa kò tó ìyẹn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni.

Bí ọmọ mẹ́ta bá wá béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ yín kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, páálí yẹn ni kò dáa, ẹ tún un kọ. Bí ìdáhùn bá sì pé nínú gbogbo ìwé àjákọ, tí ẹ ò rí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é, wọ́n ti wo páálí ìdáhùn ṣáájú àkókò ni. Ariwo kò fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan kan fún mi, ìwé àjákọ ni mo máa ń wò.

Bí wọ́n bá fi Praimárì 1 kún tiyín, páálí kò ní wúlò fún wọn, torí wọn ò tíì lè kàwé. Ìdérí kóòkì àti òkúta wẹ́wẹ́ ni kí ẹ fún wọn kà, kí ọmọ Praimárì 5 kan jókòó tì wọ́n fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹlòmíràn ni kó ṣe é lọ́jọ́ kejì, kó má sì jẹ́ Ọjọ́ Ajé láé, torí ọjọ́ yẹn ni ẹ̀kọ́ tuntun ti Praimárì 5 fúnra wọn.